Funfun Mẹ́ta Lára Jákẹ́ẹ̀tì Aláwọ

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ títí dé oṣù kẹjọ, tí ẹnìkan ní Ìbàdàn tàbí Èkó bá ṣí wọ́dúróòbù láti wo jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó ti gbé kọ́ síbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, kì í ṣọ̀wọ́n kí ó bá ohun funfun kan lára rẹ̀. Ó lè wà ní kọ́là, ó lè wà lábẹ́ abíyá, ó sì lè tàn káàkiri gbogbo ẹ̀yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó sáré mú aṣọ tútù àti ọṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ọṣẹ. Funfun mẹ́ta ló máa ń yọ lára awọ, wọn kò sì bá ara wọn tan rárá. Ọ̀kan jẹ́ iyọ̀ tí òógùn fi sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rá tó ti inú awọ náà yọ sójú. Ẹ̀kẹta ni bíbu, èyí tó jẹ́ ohun alààyè tó ń fi aṣọ náà ṣe oúnjẹ jẹ. Ìtọ́jú tó yẹ ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́, nítorí náà, ká mọ èyí tó wà níwájú wa ni iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ gbé jákẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa. Ẹ rẹ òwú díẹ̀ sínú omi tó mọ́, ẹ fún un kí ó má baà kán, kí ẹ sì fi kan ibi kékeré kan lára funfun náà. Bí ó bá yọ́ mọ́ òwú lójú ẹsẹ̀, tí ẹ tọ́ ọ wò bí ẹ bá láyà, tí ó dùn bí iyọ̀, òógùn ni. Bí kò bá yọ́, ẹ mú díráyà tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, ẹ fi sí ìwọ̀n ooru tó kéré jù lọ, ẹ jìnnà sí awọ náà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ sì ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá. Ọ̀rá á yọ́, á sì wọlé padà lójú yín. Bíbu kò ní yọ́. Ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fi fóònù yàwòrán rẹ̀ kí ẹ sì fẹ àwòrán náà tóbi: ẹ ó rí i pé ó nírun wẹ́wẹ́, pé ó máa ń tò ní róbótó róbótó, bí ẹ bá sì gbóòórùn rẹ̀, òórùn yàrá tí wọn kò ṣí fèrèsé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni.

Kò sí èyí tó rọrùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ọ̀rá. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nù ún lẹ́yìn tó bá yọ́, ó parí. Àwọn méjì yòókù ló ń fẹ́ àlàyé, àlàyé náà sì bẹ̀rẹ̀ láti inú awọ fúnra rẹ̀.

Awọ ẹran jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye fọ́nrán tín-ín-rín tó so kọ́ra wọn. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò jẹrà ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í sínú oògùn. Láyé àtijọ́, ohun tó wọ́pọ̀ ni omi èèpo igi àti èso igi. Títí di òní, àwọn oníṣẹ́ awọ ní Kánò ń lo èso igi tí àwọn Haúsá ń pè ní bàgàrúwá. Ní ti ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́jà nísinsìnyí, iyọ̀ kúróòmù ni ilé iṣẹ́ lò. Lẹ́yìn oògùn yìí ni wọ́n á wá ti òróró wọ inú awọ náà, kí fọ́nrán kan lè máa yọ̀ lórí èkejì. Òróró yẹn ló ń jẹ́ kí awọ rọ̀. Bí òjò bá wá rin ín, omi á wọ àárín àwọn fọ́nrán, á sì ṣí òróró náà nípò. Bí omi bá jáde ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á padà sáyè rẹ̀. Bí a bá fi ooru lé e jáde, àwọn fọ́nrán á lẹ̀ mọ́ra wọn, awọ á súnkì, á gan, bó bá sì pẹ́, á là. Òjò gan-an kọ́ ló ń ba jákẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ìkánjú wa láti gbẹ ẹ́ ni.

Nítorí náà, bí òjò bá pa yín dé ilé, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì jáde, nítorí kọ́kọ́rọ́ àti fóònù á fa awọ tútù gùn. Ẹ gbọn omi ojú rẹ̀ dà nù. Ẹ mú aṣọ ìnura funfun tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, ẹ fi tẹ ojú awọ náà kí ó fa omi mu. Ẹ má ṣe fi nù ún bí ẹni ń nu tábìlì, nítorí awọ tútù rọ̀, ó sì rọrùn láti bó lójú. Ẹ wá gbé e kọ́ sórí háńgà tí èjìká rẹ̀ fẹ̀. Háńgà onírin tín-ín-rín tí àwọn alágbàfọ̀ ń kó fún wa kò dára, nítorí bí awọ tútù bá gbẹ sórí rẹ̀, èjìká aṣọ náà á yọ gọngọ, kò sì ní wọlé mọ́. Ẹ to kọ́là rẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà, ẹ fa síìpù dé ìdajì, ẹ ki aṣọ ìnura gbígbẹ sínú apá méjèèjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ilé, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Fáànù tó ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ní òdìkejì yàrá wúlò. Ojúmọ́ kan sí méjì ni ó máa ń gbà. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn fíríìjì tàbí ìtòsí jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin tó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má gbé e lé irin tó ń mú ilé móoru. Ibi tí mo ti ń rí jákẹ́ẹ̀tì tó gan bí páálí jù lọ nìyẹn.

Bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ó kù díẹ̀ kó gbẹ, ni àsìkò tó dára jù láti fi ìpara awọ díẹ̀ kùn ún, nítorí pé òróró rọrùn láti wọlé nígbà náà. Mo ní díẹ̀: ìwọ̀n ẹ̀wà kan fún apá kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ẹ̀wà méjì fún ẹ̀yìn, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á kárí, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù lójú rẹ̀ kúrò lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń bèèrè bóyá òrí tàbí òróró àgbọn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọ̀ ara èèyàn tó wà láàyè ni òrí dára fún. Lára jákẹ́ẹ̀tì, ó máa ń dúró sójú, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí ọ̀rinrin bá sì dé, òun gan-an ni yóò di oúnjẹ fún bíbu. Òróró ìdáná máa ń mú kí awọ dúdú sí i, ó sì máa ń kan lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Pọ́líìṣì bàtà ń ràn mọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ìpara tí wọ́n ṣe fún awọ nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ kọ́là, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ wo bóyá àwọ̀ ibẹ̀ yí.

Súwéèdì ní òfin tirẹ̀. Awọ tí a ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan ní ojú tó dán, tí irun ẹran hù lé nígbà ayé rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú náà. Súwéèdì ni ọ̀dọ̀ inú, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹran, tí wọ́n fi ohun ríro họ títí fọ́nrán rẹ̀ fi dìde wẹ́wẹ́. Kò sí ọ̀dà kankan tó bò ó. Ohun tó bá kán sí i ń lọ tààrà sínú rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbàgbé ìpara nígbà tó bá kan súwéèdì: ìpara á pa fọ́nrán rẹ̀ dà sílẹ̀, á sì di àbàwọ́n tó ń dán.

Ẹ̀kán òjò lórí súwéèdì máa ń gbẹ di òrùka. Ẹ wo òrùka náà dáadáa, ẹ ó rí i pé àárín rẹ̀ mọ́ ju etí rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi gbé eruku àti àwọ̀ tó bá pàdé, ó tì wọ́n lọ sí etí ibi tó rin, ó wá gbẹ, ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá wá fi omi nu òrùka yẹn nìkan, òrùka mìíràn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ẹ ó dá. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ dà bí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu: ẹ ó tún fi omi rin ín sí i. Ẹ bu omi mímọ́ sínú ike tó ń fọ́n omi bí ìrì, ẹ fọ́n ọn sí gbogbo abala tí òrùka náà wà, láti ojú rírán kan dé ojú rírán kejì, ní ọ̀gbọọgba, títí tí gbogbo rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan náà. Kì í ṣe kó máa kán o, kó sáà tutù ni. Ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e kọ́, kó gbẹ fúnra rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà yìí kò sí etí tí ìdọ̀tí lè kó jọ sí, àyàfi ojú rírán, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Bí ó bá gbẹ, fọ́nrán rẹ̀ á ti sùn, á sì le díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni ẹ ó fi jí i. Ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó dìde, kí ẹ wá parí rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Búrọ́ọ̀ṣì onírin tó wà fún bàtà máa ń ya súwéèdì jákẹ́ẹ̀tì, èyí tó fẹ́lẹ́ ju ti bàtà lọ. Ibi tó bá ṣì ń dán, ẹ mú rọ́bà funfun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, ẹ fi ra á jẹ́jẹ́. Bí epo ọbẹ̀ bá kán sí i, omi kò bá tirẹ̀ mu: ẹ da pọ́dà tí kò ní òórùn dídùn tàbí kọ́nfúláwà lé e, kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dà nù, kí ẹ sì tún un ṣe bí ó bá yẹ.

Oògùn fífọ́n tí wọ́n ń tà pé ó ń lé omi wúlò fún súwéèdì, mo sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ kì í di ihò; ẹ̀kán òjò nìkan ló ń lé dà nù, kò lè dúró de òjò arọ̀ọ̀rọ̀dá. Ara aṣọ tó mọ́ tó sì gbẹ ni kí ẹ fọ́n ọn sí, ní ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ṣe é níta gbangba. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra lásán: irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó fà á símú nínú yàrá títì jẹ́.

Ní ti òógùn, iyọ̀ nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá ara wà níbẹ̀, yúríà sì wà níbẹ̀, èyí tó wà nínú ìtọ̀ pẹ̀lú. Kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ yúríà di amóníà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe awọ sì fi í sílẹ̀ ní ipò kíkan díẹ̀, ipò yẹn ló ń di oògùn inú rẹ̀ mú. Amóníà lòdì sí kíkan, ó ń tú oògùn yẹn díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́là, ẹnu apá àti abíyá fi máa ń gan tí wọ́n sì máa ń là nígbà tí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì kan náà ṣì rọ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ìdí yìí náà ni mo ṣe bẹ̀ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ẹ jìnnà sí ọṣẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ lòdì sí kíkan, bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ dúdú tí a fi eérú ṣe.

Ohun tó dára jù ni kí òógùn má dúró pẹ́. Bí ẹ bá bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má tì í bọ inú wọ́dúróòbù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ kọ́ ọ sí ibi atẹ́gùn di ọjọ́ kejì. Ẹ máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ìgbà mélòó kan tí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù tí ẹ sì fún gbẹ nu inú kọ́là àti ẹnu apá rẹ̀. Bí iyọ̀ bá ti hàn lára awọ olójú dídán, ẹ po ìdá kan fínígà funfun mọ́ ìdá méjì omi, ẹ fi òwú kàn án, ẹ fi òwú mìíràn tí ẹ rẹ sínú omi lásán nù ún tẹ̀ lé e, kí ó sì gbẹ níbòòji. Aṣọ inú rẹ̀, tí àwọn télọ̀ ń pè ní láínì, ló máa ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú òógùn. Bí ó bá ti ń rùn tí nínù kò mú òórùn náà lọ, ẹ má fọ jákẹ́ẹ̀tì nítorí rẹ̀. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ lè tú u, kó sì rán tuntun síbẹ̀. Sanitáísà àti lọ́fínńdà náà ń ba ẹnu apá àti kọ́là jẹ́, nítorí sípíríìtì tó wà nínú wọn ń tú ọ̀dà ojú awọ.

Bíbu ló kù, òun sì ni ìṣòro wa nílé jù lọ. Ẹbí olú ni, èso rẹ̀ sì wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo. Ohun tó ń dúró dè ni ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 65 sí 70 nínú 100, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó lè hù. Ní Èkó nígbà òjò, ìdá 80 kì í ṣe tuntun. Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe é: ìgbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ni a ń wọ jákẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni a ń kó o pamọ́, pẹ̀lú òógùn ọyẹ́ lára rẹ̀, nínú nọ́ọ̀lọ̀n tí kò jẹ́ kí ó mí. Oúnjẹ ti wà, omi ti wà, ilẹ̀kùn ti wà ní títì.

Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí Àǹtí mi kan tó ń gbé ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wálé fún ọdún Kérésì, ó sì fi jákẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tó ń padà lọ ní oṣù kìíní: ọ̀kan jẹ́ awọ àgùntàn dúdú, èkejì jẹ́ súwéèdì aláwọ̀ ilẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú nọ́ọ̀lọ̀n alágbàfọ̀, wọ́dúróòbù náà sì fẹ̀yìn ti ògiri tí òjò ń nà. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n ránṣẹ́ àwòrán sí i, ó sì pè mí. Ohun àkọ́kọ́ tó bèèrè ni, "Ṣé kí wọ́n fi òrí díẹ̀ pa á ni?" Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má tíì fi ohunkóhun kàn án. Ẹ jẹ́ n lọ wò ó."

A gbé wọn jáde sí ẹ̀yìnkùlé kí a tó bọ́ nọ́ọ̀lọ̀n kúrò, kí èso bíbu má baà fọ́n sí àwọn aṣọ yòókù, a sì fi ìbòmú bo imú. Ti awọ àgùntàn bo kọ́là àti iwájú. A fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a dà nù, a sì jẹ́ kí ó wà níbòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni a po sípíríìtì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ mọ́ omi, dọ́gba dọ́gba. A dán an wò lábẹ́ kọ́là: òwú jáde funfun, ọ̀dà kò tú. Ká ní ó jáde dúdú ni, à bá dáwọ́ dúró. A wá fi òwú tó kàn tutù díẹ̀ nu abala kan lẹ́yìn èkejì, a ń pààrọ̀ òwú léraléra, a kò jẹ́ kí ó rin awọ náà gbingbin, nítorí ìwọ̀nba ọ̀dà náà lè fara dà nìyẹn. Nígbà tó gbẹ, a fi ìpara díẹ̀ kùn ún. Aṣọ náà padà bọ̀ sípò. Ojú kọ́là nìkan ló ṣú díẹ̀.

Súwéèdì kò bọ́ tó bẹ́ẹ̀. A kò fi sípíríìtì kàn án, nítorí ó ń fa àwọ̀ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni, afẹ́fẹ́ ni, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kejì. Funfun náà lọ, àmọ́ àwọn àmì dúdú wẹ́wẹ́ kan wà ní apá òsì tí kò lọ, wọn kò sì ní lọ. Àwọ̀ tí bíbu fúnra rẹ̀ ń tu sínú fọ́nrán ni. Mo sọ fún Àǹtí pé kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun á yọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ nípa àwọ̀ awọ lè pa gbogbo jákẹ́ẹ̀tì náà láró tó dúdú sí i, kò sí ọ̀nà mìíràn.

Bí a ṣe tún kó wọn pamọ́ yàtọ̀. A sún wọ́dúróòbù náà kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, a fi háńgà onígi tó fẹ̀ kọ́ wọn, a gé orí àpò ìrọ̀rí àtijọ́ láti fi ṣe ìbora, nítorí òwú ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. A kó àwọn àpò kékeré tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun, àwọn tó ń fa omi mu, sí ìsàlẹ̀. Ìwọ̀nyí máa ń kún, wọn a sì di aláìwúlò láàárín oṣù díẹ̀ bí a kò bá pààrọ̀ wọn. A yọ káńfọ̀ kúrò. Ó lè lé kòkòrò tó ń jẹ aṣọ, kì í dá bíbu dúró, òórùn rẹ̀ sì ń wọ awọ débi pé ó máa ń ṣòro láti yọ. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé nínú ilé náà ṣèlérí láti máa ṣí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé tí òjò kò bá rọ̀. Ní tèmi, ìlérí yẹn wúlò ju gbogbo àpò afàmumi lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ra jákẹ́ẹ̀tì òkirìkà ní Kàtáńgúwà àti àwọn ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbóòórùn inú apá rẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà, nítorí jákẹ́ẹ̀tì tó bu nínú bélì lè ran gbogbo wọ́dúróòbù yín. Ẹ sì wá etí kan tí wọn kò pa, bíi inú àpò tàbí abẹ́ síìpù: bí ẹ bá rí fọ́nrán tó rí jákujàku, awọ ni, bí ẹ bá rí aṣọ híhun tí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, awọ ayédèrú ni. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń tú ike yẹn láti inú wá, bóyá wọ́n wọ̀ ọ́ tàbí wọn kò wọ̀ ọ́, ó sì máa ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín ọdún mélòó kan. Kò sí ìpara tó ń dá a dúró. Bí ó bá ti ń bó ní kọ́là, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.